Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ Tuntun Ẹgbẹ́ Onílé ní Òkè Padre

Ààrẹ wa,

Wọ́n ní ọjọ́ ìbúra ti sún mọ́lé, àti pé bí àdúrà bá ti parí, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Nítorí ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Gbangba ni mo sì kọ ọ́ sí, kí àwọn tí ẹ jọ díje lè kà á, kí àwa tí a tò láti dìbò náà lè kà á.

Ó pẹ́ tí mo fi bá ẹgbẹ́ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìbúra ni ọwọ́ mi ti kọ sínú ìwé. Bí ọdún bá yípo tí mo bá tún un kà, n kì í rí gbólóhùn kan tí a lè fi bi ààrẹ léèrè pé, “Èyí tí ẹ sọ dà?” Wọ́n á ní àwọn yóò mú ìlọsíwájú wá, wọ́n á ní àwọn yóò so àdúgbò pọ̀ ṣọ̀kan. Ta ni yóò jiyàn? Ta ni yóò sì mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é? Ohun méjì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: kí ẹ sọ ohun tó nítumọ̀ fún àwọn tí ẹ borí, kí ẹ sì mú iṣẹ́ mẹ́ta péré tí ojú gbogbo wa yóò rí bí ẹ kò bá ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí àwọn tí ẹ borí bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń fọ́.

Nílùú Ìbàdàn wa, ọ̀nà tí a fi ń gun oyè kì í sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó fìdí rẹmi lọ́jọ́ kan. Mọ́gàjí agbo ilé ni yóò di jagun, yóò sì máa gun òkè lọ ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun. Ẹni tí kò bá tíì kàn, ìgbà tirẹ̀ ló ń dúró dè. Ìdìbò ẹgbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, a ó ka ìwé, a ó sì sọ fún àgbàlagbà ọkùnrin tàbí obìnrin lójú aya, lójú ọmọ, lójú ayálégbé rẹ̀, pé àdúgbò kò fẹ́ ẹ. Àwa ará Òkè Padre kò tíì rí àṣà kan tó wà fún bí a ṣe ń gbé irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kúrò lára ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ìbúra yín ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ náà. Ká ní àwọn mẹ́ta ló díje, tí àádọ́rùn-ún ènìyàn sì dìbò. Bí ẹni tó wọlé bá ní ibo 41, tí èkejì ní 30, tí ẹ̀kẹta ní 19, ẹni 49 ni kò mú ẹni tó wọlé yẹn. Wọ́n pọ̀ ju àwọn tó mú un lọ. Ìdìbò tó mọ́ ni, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ààrẹ bá dìde tó ní “gbogbo àdúgbò ti sọ̀rọ̀”, ó ti lé ẹni 49 kúrò nínú àdúgbò kó tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́.

Ohun tí irú èyí lè dà, a rí i lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ìbàdàn yìí ni wọ́n ti dá NLC, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, sílẹ̀ nínú oṣù Èrèlé ọdún 1978, tí wọ́n sì yan Hassan Sunmonu ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti ń bára wọn figagbága fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n pa pọ̀ di ọ̀kan. Ìṣọ̀kan náà ni ó jẹ́ agbára wọn. Nígbà tó di ọdún 2015, wọ́n lọ dìbò ní Àbújá. Ìdìbò ti oṣù Èrèlé fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí àríyànjiyàn lórí ìwé ìdìbò. Wọ́n tún un dì nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ayuba Wabba ní ibo 1,695, Joe Ajaero ní 1,140.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú yín fo 1,140 yẹn. Nínú gbogbo ẹni márùn-ún tó dìbò, méjì ló wà lẹ́yìn Ajaero. Àwọn wọ̀nyí kò gbà pé ìdìbò náà mọ́, wọn kò sì rí àyè tó tó wọn nínú ilé tí ìdìbò náà kọ́. Ìyapa ṣẹlẹ̀, nígbà tó sì di òpin ọdún 2016, wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ tiwọn sílẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó padà sílé. Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2023, Ajaero kan náà ni wọ́n fi jẹ ààrẹ NLC, kò sì sí ẹni tó bá a du ú. Ẹni tí wọ́n borí lónìí ni wọ́n lọ fi jẹ olórí lọ́la. Ọdún márùn-ún tó wà láàárín ìdìbò àti ìpadàbọ̀ yẹn ló ń dùn mí: ẹgbẹ́ méjì ló ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lórúkọ òṣìṣẹ́ kan náà.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ìbúra nìkan ni ìbá dá ìyẹn dúró. Ìwé ìdìbò tó ní àbùkù, ọ̀rọ̀ dídùn kò lè wò ó sàn, n ó sì padà sórí èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí olórí bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹni tó fìdí rẹmi yóò fi mọ̀ bóyá kí òun jókòó tàbí kí òun dìde.

Báwo ni kí ẹ ṣe sọ ọ́? Kó tó di ọjọ́ ìbúra, ẹ lọ sílé àwọn méjì tí ẹ borí. Ẹ má ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹ mú mọ́gàjí kan tàbí àgbà kan tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún dání, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tinú wọn. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fà lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì gbọ́ bóyá wọ́n gbà. Ó burú kí ènìyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi í nípa rẹ̀. Bí ó bá gbà, ìtìjú ló mú un gbà. Bí ó bá kọ̀, ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbúra, ẹ pe orúkọ wọn ní kíkún, tòun ti oyè wọn, kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti yín lẹ́yìn. Ẹ má ka iye ibo. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kan pàtó nínú ohun tí olúkúlùkù wọn fi polongo, kí ẹ sọ pé ẹ gbà á, kí ẹ sì sọ pé tirẹ̀ ni. Níbi ìbúra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Èbìbí ọdún 1994, Nelson Mandela dárúkọ de Klerk mọ́ àwọn tó mú ọjọ́ náà wá. De Klerk ni olórí ìjọba tó ṣáájú rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ló sì fi ẹ̀yà jẹ gàba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni Mandela fún un. Igbákejì ààrẹ ni ó wà nígbà tó ń gbọ́ ọ, òfin tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ló sì gbé e síbẹ̀. Ìyìn tí kò bá ipò rìn, ẹnu lásán ni.

Bí ẹ bá bi mí, irú ọ̀rọ̀ tí n ó kọ fún yín rèé: “Ẹni méjì ló bá mi du ipò yìí, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n du ú, torí ìbéèrè tí wọ́n bi mí lójú gbogbo yín ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ní kí a máa ka owó ẹgbẹ́ síta lóṣooṣù. Òun ni yóò máa yẹ ìwé owó wa wò, ó sì ti gbà. Èkejì ní gọ́tà wa kò gbọdọ̀ tún dúró de òjò. Òun ni yóò ṣe alága iṣẹ́ gọ́tà, ó sì ti gbà.” Ẹ rí i pé kò gùn. Ẹ fi orúkọ wọn sí ibi tí mo kọ “ọ̀kan” àti “èkejì”. Ẹ má ṣe sọ pé “mo na ọwọ́ sí wọn”. Ẹni tó jókòó sókè ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹ má sì dá ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún wọn, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbìmọ̀ tí kò ní owó, tí kò ní ọjọ́ ìpàdé, àga ìtùnú ni.

Ó kan iṣẹ́ mẹ́ta wàyí. Mo mọ̀ pé ìwé tí àwọn ènìyàn kọ fún yín lákòókò ìpolongo yóò ní ogún nǹkan nínú: iná, ọlọ́dẹ, ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, ọ̀nà, omi, ariwo, ọkọ̀ tó ń dí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Bí ẹ bá dárúkọ ogún, ẹ ti sọ fún wa pé ẹ kò tíì yan ọ̀kankan. Ìdánwò tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò nìyí: ṣé agbára ẹgbẹ́ ká a, láìdúró de ìjọba ìbílẹ̀? Ṣé a lè mọ ọjọ́ tí yóò parí? Bí a kò bá sì ṣe é, ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àdúgbò yóò rí i pé a kò ṣe é? Tiransifọ́mà kò yege ìdánwò yìí, torí ọwọ́ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ló wà. Ẹ lè máa lé e kiri, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣèlérí lọ́jọ́ ìbúra.

Gọ́tà yege, òun ni mo sì fẹ́ kó ṣáájú. Ìbàdàn kò ní gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 tí Ògùnpa kún, tó gbé ilé, tó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, òjò tó ju 180 mìlímítà lọ rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì tún kú. Orí òkè ni àwa wà, a lè rò pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá omi, korobá fífọ́ àti erùpẹ̀ tí a bá gbá sí gọ́tà lórí òkè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń dí ojú afárá mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti Báńkì Àgbáyé ti náwó sórí odò ńlá àti afárá. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé ni kò sí ẹni tí yóò bá wa kó o.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ká ní gọ́tà tí ẹ fẹ́ kó gùn tó mítà 300, ó fẹ̀ tó ìdajì mítà, tí erùpẹ̀ inú rẹ̀ sì ga tó ìdá kan nínú márùn-ún mítà. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ nípa ara wọn, ọgbọ̀n kúbíìkì mítà ni erùpẹ̀ tí yóò jáde. Òṣìṣẹ́ tó mọ ṣọ́bìrì lò yóò kó bíi méjì jáde lóòjọ́ nínú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Típà tó ń gba márùn-ún yóò kó o ní ìgbà mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò fún méje, torí erùpẹ̀ tí a bá hú máa ń wú.

Típà yẹn gan-an ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìmọ́tótó: a ó kó ẹrẹ̀ jáde, a ó tò ó sétí gọ́tà, a ó ya fọ́tò, a ó lọ jẹun. Òjò kan ṣoṣo ni yóò dá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà. Owó òṣìṣẹ́ ti lọ, gọ́tà kò sì mọ́. Nítorí náà, bí owó kò bá tó, ẹ má kó mítà 300. Ẹ kó 100 kí ẹ sì rí i pé ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò ní àdúgbò pátápátá kó tó di ọjọ́ kejì. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ síwájú òkè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi tí ẹ ṣí sílẹ̀ yóò lọ gúnlẹ̀ níbi tó ṣì dí, yóò sì wọlé ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀gbẹlẹ̀ la wà yìí. Òjò yóò mú ilẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín ni pé: “Kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà, gọ́tà láti ibí dé ibí yóò mọ́, ẹrẹ̀ rẹ̀ kò sì ní wà létí rẹ̀.” Ẹ dárúkọ ibi méjèèjì. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín ní wákàtí kan lẹ́yìn tó dá. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kù.

Iṣẹ́ kejì ni owó. N kò ní fi gígùn sọ èyí. Ká ní ilé 60 ló yẹ kó máa san ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù, N60,000 ló yẹ ká rí. Bí akápò bá ní N40,000 lọ́wọ́, ó lè jẹ́ pé ogún ilé kò san, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n san. Láìsí rìsíìtì onínọ́ńbà tó tò tẹ̀lé ara wọn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀, ìfura yóò sì máa jẹ akápò tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́ bákan náà. Ẹ ra ìwé rìsíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta lè fọwọ́ sí owó ní báńkì, kí ó jẹ́ pé bí méjì nínú wọn bá ti fọwọ́ sí i, owó á jáde. Ẹ má jẹ́ kí ààrẹ àti akápò tí wọ́n jọ polongo jẹ́ méjì yẹn. Ní ìpàdé oṣooṣù, kí ẹ ka iye tó wọlé, iye tó jáde, nọ́ńbà rìsíìtì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, kí ẹni tó díje pẹ̀lú yín, tó ń yẹ̀wé wò, fọwọ́ sí i lójú wa.

Iṣẹ́ kẹta ni ìwé orúkọ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú yín. Lójú tèmi, òun ló le jù, mo sì ti sọ ohun tí àríyànjiyàn lórí ìwé ìdìbò ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 2015.

Ọ̀ràn tiwa tún ní ohun tó mú un le. Ilé ìdílé ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá tó kọ́lé ti kú, ọmọ márùn-ún ló bí, ọ̀kan wà nínú ilé, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní òkè òkun, méjì ń bára wọn jà lórí yàrá. Ta ni yóò dìbò fún ilé yẹn? Bí ẹgbẹ́ kò bá pinnu rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ìdìbò, lẹ́nu ọ̀nà ìdìbò ni wọn yóò ti pinnu rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì ròkè ni yóò wọlé. Ayálégbé tó ti gbé níbẹ̀ fún ogún ọdún, tó ń san owó ọlọ́dẹ, ǹjẹ́ ó ní ibo? Òfin ẹgbẹ́ lè ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Bí èmi bá ni, ilé kan yóò ní ibo kan. Ìdílé yóò kọ orúkọ aṣojú wọn, mọ́gàjí wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé yóò lẹ orúkọ gbogbo síta ní oṣù kan kí ìdìbò tó wáyé, ọ̀sẹ̀ méjì yóò sì wà fún ẹni tó bá ní ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò ní fi orúkọ kún un mọ́, ì báà ṣe ti ọmọ ààrẹ. Ẹ ṣọ́ ohun kan: bí òfin bá ní ẹni tó san owó ẹgbẹ́ pé nìkan ló lè dìbò, akápò ló ń pinnu ẹni tí yóò dìbò nìyẹn. Ẹni tí a kò bá kọ rìsíìtì fún, a ti gba ibo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé owó àti ìwé orúkọ fi gbọ́dọ̀ bára mu, tí ẹni tó fìdí rẹmi sì gbọ́dọ̀ lè rí méjèèjì. Àmì tí mo máa ń wò ni pé iye ilé tó wà nínú ìwé orúkọ kò gbọdọ̀ ju iye ilé tí ẹsẹ̀ lè rìn dé tí ojú sì lè rí.

Ẹ ṣe èyí ní ọdún àkọ́kọ́ yín, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ẹni tí yóò díje lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá fi dé ọdún tí sáà yín fẹ́ parí, gbogbo ìpinnu tí ẹ bá ṣe lórí rẹ̀ ni wọn yóò ní nítorí ara yín ni ẹ ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ kí Olúbàdàn, ẹ kí àwọn mọ́gàjí, ẹ kí àlùfáà àti àwọn ààfáà, kí ẹ sì bọ́ sórí àwọn tí ẹ jọ díje. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yín sórí ìwé kan, ẹ̀gbẹ́ kan péré, kí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dá fún iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn níbẹ̀, kí ẹ sì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, n ó fi í pamọ́. Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé ìlàjì, n ó mú un dání wá sétí gọ́tà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà kan rí,
Òkè Padre, Ìbàdàn.